Tótà wálẹ̀, áfárèèjì gòkè: èwo ni kó o fi wo rìsọ́ọ̀tì tó ń bọ̀?

"Ẹ káàsán sà. SS1 ni mo wà. Fọ́ọ̀sì táàmù mo ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì 11, tótà mi 715, áfárèèjì 65. Sẹ́kọ́ńdì táàmù mo ti fi Lítíréṣọ̀ àti Gọ́fúmẹ́ǹtì sílẹ̀ torí sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́ ṣe, ó wá ku 9, tótà mi 621, áfárèèjì 69. Bọ̀dá mi ní mo ti jábọ́, mọ́mì mi ní mo ti gòkè. Wọ́n ní áfárèèjì ọdún mi gbọ́dọ̀ tó 67 kí n tó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní SS2. Tẹ́ẹ̀sì tọ́ọ̀dù táàmù ti jáde nínú 7, mo ní 203 nínú 280, Físíìsì àti Fọ́dà Máàsì ló kù. Tótà ni kí n fi mọ iye tí mo máa gbà àbí áfárèèjì? Mo ti fi fọ́tò rìsọ́ọ̀tì méjèèjì ránṣẹ́ sà."

Ọmọ mi, bọ̀dá ẹ ò parọ́, mọ́mì ẹ náà ò parọ́, ibi tí kálukú wọn ń wò ló yàtọ̀. Àmọ́ o ò jábọ́ o, o ò sì fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Iṣẹ́ sẹ́kọ́ńdì táàmù ẹ fi máàkì kan péré sàn ju ti fọ́ọ̀sì táàmù lọ lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́rin. Jẹ́ kí n fi bí mo ṣe mọ̀ hàn ẹ́, torí ibẹ̀ gan-an la ti máa mú ohun tá a máa fi wo tọ́ọ̀dù táàmù.

Tótà ni gbogbo máàkì ẹ tá a kó jọ sójú kan. Tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì bá pọ̀ á pọ̀, tí wọ́n bá dín á dín, kò sọ fún ẹ bóyá o mọ iṣẹ́ àbí o ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó gba 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́bújẹ́ẹ̀tì 12 á ní 600, ọmọ tó gba 65 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan 9 á ní 585, tó bá jẹ́ tótà nìkan lo wò, wàá ní ọmọ oní-50 ló mọ̀wé jù. Áfárèèjì ní tiẹ̀ ni iye tó máa kan sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ká ní a tú tótà yẹn palẹ̀ tá a wá pín in dọ́gba-dọ́gba fún gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun la máa ń fi wé ara wa nígbà tí iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì ò bá dọ́gba.

Àmọ́ áfárèèjì náà lè ṣi èèyàn lọ́nà, ìyẹn ló sì ṣẹlẹ̀ sí mọ́mì ẹ. Fojú inú wo ìyá kan tó ń ta tòmátò ní ọjà Bódìjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kó apẹ̀rẹ̀ 11 wá, méjì nínú ẹ ti ń rà, owó pọ́ọ́kú ló ta àwọn yẹn. Lọ́sẹ̀ yìí, 9 tó dáa nìkan ló kó wá. Owó tó mú relé kéré sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n tó bá pín in sórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń kan apẹ̀rẹ̀ kan ti ga sí i. Ṣé tòmátò wọ́n sí i lọ́jà ni? Ó ṣeé ṣe kó má wọ́n rárá, kó jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ méjì tó ń rà yẹn ni ò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò máa fa iye wálẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tìẹ ṣe rí. Nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, Lítíréṣọ̀ ẹ ní fọ́ọ̀sì táàmù jẹ́ 55, Gọ́fúmẹ́ǹtì jẹ́ 48, méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ 103. Yọ 103 yẹn kúrò nínú 715, ó ku 612. 612 yìí ni iye tó o gbà ní fọ́ọ̀sì táàmù nínú àwọn 9 kan náà tó o ṣì ń ṣe títí di òní. Wò ó báyìí:

```
fọ́ọ̀sì táàmù, gbogbo 11:      715 ÷ 11 = 65
fọ́ọ̀sì táàmù, 9 tó kù:        612 ÷ 9  = 68
sẹ́kọ́ńdì táàmù, 9 kan náà:    621 ÷ 9  = 69
```

Ṣé o rí ìlà àárín yẹn, òun ni kò sí lórí rìsọ́ọ̀tì ẹ, òun sì ni ọ̀rọ̀ wà nídìí ẹ̀. Lọ́jọ́ tó o fi Lítíréṣọ̀ àti Gọ́fúmẹ́ǹtì sílẹ̀, áfárèèjì ẹ ti di 68 lọ́jọ́ yẹn, o ò tíì ṣí ìwé kankan, o ò tíì jókòó kọ nǹkan kan. Nínú máàkì mẹ́rin tí mọ́mì ẹ rí pé ó gòkè, mẹ́ta ló wá látinú sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó o jù sílẹ̀, ẹyọ kan ló wá látinú ìwé tó o kà. Bọ̀dá ẹ náà, 94 tó rí pé ó jábọ́, kì í ṣe pé o pàdánù máàkì níbì kankan, ibi méjì tó o ti ń rí máàkì tẹ́lẹ̀ ni o ò lọ mọ́.

Ní báyìí, wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tá a bá fi ojú àwọn méjèèjì sọ tọ́ọ̀dù táàmù ṣáájú. Bọ̀dá ẹ á ní 94 ló ń já bọ́ ní táàmù kan, torí náà 621 á di 527, ìyẹn áfárèèjì 58.6 nínú 9. Mọ́mì ẹ á ní mẹ́rin ló ń gòkè, torí náà 69 á di 73, ìyẹn tótà 657. Ọmọ kan náà, rìsọ́ọ̀tì kan náà, àwọn méjì tó fẹ́ràn ẹ, ọ̀rọ̀ wọn sì fi 130 máàkì jìnnà síra. Ohun tó mú kí méjèèjì ṣìnà ni pé wọ́n mú ìyípadà tó wá látinú iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì, wọ́n kà á sí ìyípadà nínú iṣẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń fi sọ́bújẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kò tún ní ṣẹlẹ̀ ní tọ́ọ̀dù táàmù. Ohun tó ṣeé tẹ̀ lé ni 68 tó di 69.

Nítorí náà ìdáhùn mi sí ìbéèrè ẹ gan-an rèé: tó o bá fẹ́ fi táàmù kan wé òmíràn, áfárèèjì ni kó o lò, ṣùgbọ́n lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan náà ṣá o. Tó o bá wá fẹ́ mọ iye tó o gbọ́dọ̀ lọ wá, padà sórí tótà, torí máàkì gidi ni wọ́n ń fún èèyàn nínú yàrá ìdánwò, wọn kì í fún èèyàn ní áfárèèjì. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé 9 náà lo máa ṣe ní tọ́ọ̀dù táàmù, o lè máa lọ máa bọ̀ láàárín méjèèjì láìsí ìjàǹbá: máàkì 9 nínú tótà ni máàkì 1 nínú áfárèèjì. Tí Báyọ́lọ́jì nìkan bá fi 9 já bọ́, áfárèèjì ẹ á fi 1 wálẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kó o mọ èyí kó o má baà máa sunkún nítorí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan tó burú.

Ó yá, ká wá sórí tẹ́ẹ̀sì. 203 nínú 7. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kéèyàn pín 203 sí 9, torí pé 9 lo ń ṣe, ó á jẹ́ 22.6 nínú 40, ẹ̀rù á wá bà ẹ́. Àmọ́ ohun tó o ṣe nígbà yẹn ni pé o ti fún ara ẹ ní òdo nínú Físíìsì àti nínú Fọ́dà Máàsì, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ò fún ẹ lódo, wọn ò tíì máàkì ìwé ẹ ni. Máàkì tí ò tíì jáde kì í ṣe òdo. 7 ló jáde, 7 la máa pín sí, ó jẹ́ 29.

Má rò pé ọmọ ilé ìwé nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yẹn o. Mo ti ṣe é rí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kíláàsì. Ní ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, olùkọ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ò tíì kó máàkì ọmọbìnrin kan wá nígbà tí mo ń tẹ máàkì sínú kọ̀ǹpútà, èmi wá tẹ 0 síbẹ̀ pé kí àyè má ṣófo, mo rò pé màá padà wá tún un ṣe. Mi ò padà o. Tótà ọmọ yẹn jẹ́ 560 nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì 8 tó ní máàkì, ìyẹn 70, ṣùgbọ́n 62.2 ló jáde lórí káàdì ẹ̀, ipò ẹ̀ sì jábọ́ wálẹ̀ gan-an láàárín kíláàsì. Bàbá ẹ̀ ló mú káàdì yẹn wá bá mi, ọmọ náà dúró lẹ́yìn ẹ̀ tó ń wolẹ̀, mi ò sì gbàgbé ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà títí dòní. Nínú Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò fún rìsọ́ọ̀tì, fọ́múlà tó ń ṣe áfárèèjì rèé:

```
=AVERAGE(B2:J2)
```

Tí àyè kan bá ṣófo láàárín B2 sí J2, fọ́múlà yìí á fò ó, kò ní kà á mọ́ iye tó ń pín sí. Tó o bá wá tẹ 0 síbẹ̀, á kà á bíi pé ọmọ náà ṣe é tó sì gba òdo. Àyè òfìfo àti òdo, lójú èèyàn wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, lójú kọ̀ǹpútà wọn ò jọra rárá.

Ìwọ náà lè yẹ káàdì ẹ wò láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mú tótà, pín in sí áfárèèjì tí wọ́n kọ síbẹ̀, ohun tó jáde ni iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín in sí. 621 ÷ 69 jẹ́ 9, tìẹ dáa. 715 ÷ 65 jẹ́ 11, ìyẹn náà dáa. Ti ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn, 560 ÷ 62.2 fún wa ní 9, bẹ́ẹ̀ máàkì 8 péré ló wà lórí káàdì ẹ̀. Tí iye tó jáde ò bá bá iye máàkì tó o kà lórí káàdì mu, lọ bá olùkọ́ kíláàsì ẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an, má dúró di ọjọ́ kejì.

Ká padà sórí 29 ẹ. Mo wo sẹ́kọ́ńdì táàmù ẹ, àpapọ̀ tẹ́ẹ̀sì ẹ nínú 9 jẹ́ 270, áfárèèjì 30 nínú 40. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí i á ní 30 ló di 29, ó kàn fi díẹ̀ wálẹ̀ ni, kò burú. Má gbà bẹ́ẹ̀. 30 yẹn wá látinú 9, 29 yìí wá látinú 7, a tún ti ń ṣe ohun tí mọ́mì ẹ ṣe nìyẹn. Àwọn méjì tí kò tíì jáde sì ni àwọn tó máa ń le fún ẹ jù: ní sẹ́kọ́ńdì táàmù Físíìsì fún ẹ ní 24, Fọ́dà Máàsì 22, 46 lápapọ̀. Yọ 46 kúrò nínú 270, ó ku 224, pín in sí 7, ó jẹ́ 32. Ìyẹn ni pé àwọn 7 kan náà tó fún ẹ ní 32 ní táàmù tó kọjá, 29 ni wọ́n fún ẹ báyìí. Máàkì mẹ́ta ti lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 21 lápapọ̀, káàdì ẹ ò sì ní sọ fún ẹ. Èyí ni ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo nǹkan tó o fi ránṣẹ́, torí mo mọ̀ pé 203 nínú 280 á ti dà bí ohun tó dáa lójú ẹ.

Iye wo la wá máa fi sí ipò àwọn méjì tó kù? Mi ò ní fi 29 sí wọn, torí wọn kì í ṣe irú àwọn 7 yòókù. Mo máa gbé méjì kalẹ̀. Tí Físíìsì àti Fọ́dà Máàsì bá dúró síbi tí wọ́n wà ní táàmù tó kọjá, 46 ni, àpapọ̀ tẹ́ẹ̀sì ẹ á jẹ́ 249. Tí àwọn náà bá fi mẹ́ta-mẹ́ta wálẹ̀ bíi ti àwọn tó kù, 40 ni, àpapọ̀ á jẹ́ 243. Láàárín 243 sí 249 ni mo máa dúró sí títí tí ìwé fi máa jáde.

Ó wá ku ìdánwò, níbi tí àṣìṣe tó tóbi jù ti máa ń wáyé. Ilé ìwé yín ń fi 40 fún tẹ́ẹ̀sì, 60 fún ìdánwò, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ń fi 30 fún tẹ́ẹ̀sì, 70 fún ìdánwò. Ọmọ púpọ̀ á ní, mo gba 29 nínú 40, ìyẹn 72.5 nínú ọgọ́rùn-ún, torí náà 72.5 ni áfárèèjì mi máa jẹ́. Wo tìẹ ní sẹ́kọ́ńdì táàmù o: tẹ́ẹ̀sì 270 nínú 360, ìyẹn 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò 351 nínú 540, ìyẹn 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́wàá odidi ló wà láàárín wọn. Kò sì yani lẹ́nu, tẹ́ẹ̀sì máa ń dá lórí tópíìkì méjì mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yín tán, nígbà mìíràn wọ́n á fi máàkì nóòtù àti iṣẹ́ àṣetiléwá kún un, ìdánwò ní tiẹ̀ á da gbogbo ohun táàmù náà pọ̀ mọ́ra. Torí náà, ìdánwò la máa ń fi wé ìdánwò, tẹ́ẹ̀sì la máa ń fi wé tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó dáa jù tá a ní lọ́wọ́ láti fi mọ ìdánwò tó ń bọ̀ ni 351 yẹn, ìyẹn 39 nínú 60 lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

```
243 + 351 = 594     594 ÷ 9 = 66
249 + 351 = 600     600 ÷ 9 = 66.7
```

Ibi tí mo rò pé tọ́ọ̀dù táàmù ẹ ń lọ nìyẹn tó o bá ṣe ìdánwò bó o ṣe ṣe ti táàmù tó kọjá, nǹkan bíi 66 sí 67. Kì í ṣe 73, kì í ṣe 58.6.

Má mú un bí ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta o. Físíìsì lè fi 8 gòkè, kí Kẹ́mísírì fi 6 wálẹ̀, tó bá rí bẹ́ẹ̀ tótà ẹ á fi 2 péré yípadà, áfárèèjì ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Torí pé èyí ń gòkè tí ìyẹn ń wálẹ̀ ni áfárèèjì sọ́bújẹ́ẹ̀tì 9 fi máa ń ṣòro yí ju sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan lọ, ó sì rọrùn láti sọ áfárèèjì ṣááju ju kéèyàn sọ iye tó o máa gbà nínú Físíìsì lọ. Àmọ́ nǹkan kan lè mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ibà dá ẹ dúbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ ìdánwò, tàbí kó má sí iná fún ọ̀sẹ̀ méjì tó o fẹ́ fi kàwé, nígbà yẹn gbogbo 9 á jọ wálẹ̀ pọ̀, kò ní sí èyí tó máa gòkè láti gbà wọ́n sílẹ̀. Máàkì 2 péré lórí ìdánwò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 18 nínú tótà, ìyẹn 2 nínú áfárèèjì, 66 á di 64. Máàkì méjì kéré gan-an nínú 60, àmọ́ lórí 9 kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní báyìí, 67 tí wọ́n ń béèrè fún ọdún. Ibí ni mo ti máa padà sórí tótà. Tí ilé ìwé yín bá ń kó áfárèèjì táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ tí wọ́n sì ń pín in sí 3, 67 lọ́nà 3 jẹ́ 201, o ti ní 65 àti 69, ìyẹn 134, ó ku 67. Áfárèèjì 67 nínú 9 jẹ́ tótà 603. Yọ tẹ́ẹ̀sì kúrò:

```
603 − 249 = 354
603 − 243 = 360
```

354 sí 360 nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ 351 lo gbà ní táàmù tó kọjá. Ìyẹn ni pé máàkì 3 sí 9 ló wà láàárín ìwọ àti kíláàsì sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan o, lórí gbogbo 9 lápapọ̀. Ṣé o rí bó ṣe rọrùn láti di mú nígbà tó di tótà? Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹ pé kó o lọ fi 0.3 sí 1 kún áfárèèjì ẹ, o ò ní mọ ibi tó o máa bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ máàkì 9, o lè wá ibi tó wà. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ẹ jẹ́ 49 nínú 60, 11 péré ló kù níbẹ̀, àwọn tó kù yẹn sì máa ń nira láti gbà. Ìdánwò Físíìsì ẹ jẹ́ 31, 29 ló ṣófo níbẹ̀. Máàkì 5 látinú 29 rọrùn ju máàkì 5 látinú 11 lọ, pàápàá fún ẹni tó jẹ́ pé ìṣirò ló ń dí i lọ́wọ́ nínú Físíìsì, kì í ṣe ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ. Tó o bá ní wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, má pín in dọ́gba fún àwọn 9, jẹ́ kí Físíìsì àti Fọ́dà Máàsì mú tó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì lè yí gbogbo ìṣirò yìí padà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ló ń pín áfárèèjì táàmù mẹ́ta sí 3 bí mo ṣe ṣe é yẹn. Àwọn mìíràn máa ń mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ro máàkì ẹ nínú Báyọ́lọ́jì ní táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á pín in sí 3, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wá wá áfárèèjì gbogbo ẹ̀. Lọ́dọ̀ irú wọn, Lítíréṣọ̀ àti Gọ́fúmẹ́ǹtì tí o kò parí ò ní sí nínú ẹ̀. Fọ́ọ̀sì táàmù ẹ á wá jẹ́ 612 nínú 9 dípò 715 nínú 11. Ìṣirò ẹ̀ á rí báyìí:

```
67 × 27 = 1809
1809 − 612 − 621 = 576
```

27 yẹn ni sọ́bújẹ́ẹ̀tì 9 lọ́nà táàmù 3. Tó bá jẹ́ bí ilé ìwé yín ṣe ń ṣe é nìyẹn, 576 lo nílò, áfárèèjì 64 péré, o lè ṣe ìdánwò tó burú ju ti táàmù tó kọjá lọ díẹ̀ kó o sì wọlé. Láàárín 603 sí 576, máàkì 27 ni, 27 yìí ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bó o ṣe mọ̀wé tó, bóyá wọ́n ka 55 àti 48 yẹn mọ́ ẹ àbí wọn ò kà á ló fà á.

Nítorí náà lọ bá olùkọ́ kíláàsì ẹ lọ́sẹ̀ yìí, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má kàn béèrè pé "ṣé máa wọ sáyẹ́ǹsì", torí wọ́n á kàn ní kó o lọ kàwé ẹ. Bi wọ́n báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sọ́bújẹ́ẹ̀tì méjì tí mo ti fi sílẹ̀ láti fọ́ọ̀sì táàmù, ṣé ó wà nínú áfárèèjì ọdún mi?" Tí wọ́n bá ní ó wà níbẹ̀, 603 ni. Tí wọ́n bá ní kò sí níbẹ̀, 576 ni. Títí wàá fi gbọ́, 603 ni kó o máa lé. Nígbà tí ìwé Físíìsì àti Fọ́dà Máàsì bá jáde, yọ 46 tí mo fi sínú 249, fi iye tó o gbà gan-an dípò ẹ̀, kó o wá yọ àpapọ̀ tẹ́ẹ̀sì tó jáde kúrò nínú 603, tàbí nínú 576 tó bá jẹ́ òun ni wọ́n sọ, ohun tó kù ni iye tó o gbọ́dọ̀ gbà nínú ìdánwò.